Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé sí Òbí Ọmọ Tó Ń Lu Ẹgbẹ́ Rẹ̀ ní Kíláàsì

Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí: "Ọmọ kan ń lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léraléra. Mo fẹ́ fi tó àwọn òbí rẹ̀ létí. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?" Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí, láti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ náà títí dé ìwé kejì tí ẹ máa kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ìwé, tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, tó ń gba owó oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìwé kékeré kò tó o.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ro alẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà máa délé

Ìwé tó bá kàn sọ pé "Ọmọ yín ń lu èèyàn ní kíláàsì" kò sọ ohun tí òbí lè ṣe. Ohun tó wà nítòsí ló máa ṣe: ẹgba. Nínú agbo ilé, kì í ṣe ìyá àti bàbá nìkan ló máa gbọ́. Ìyá àgbà máa gbọ́, àbúrò bàbá máa gbọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láti ọjà lè ti na ọmọ náà kí bàbá rẹ̀ tó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà á tún padà wá pẹ̀lú ara ríro àti ọkàn tó gbọgbẹ́. Ẹ̀kọ́ tó sì ti rí kọ́ ni pé ẹni tínú bá ń bí, tó sì lágbára ju ẹnì kejì lọ, a máa gbọ́wọ́ sókè.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ láìfi nǹkan pa mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fún òbí ní nǹkan mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe yàtọ̀ sí nínà. Gbogbo ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ, orí èyí ló dúró lé.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣọ́ ọmọ náà fún ọjọ́ márùn-ún

Ẹ má kọ ìwé pẹ̀lú ohun tí ẹ rántí. Ohun tí olùkọ́ tó ti rẹ̀ bá rántí ni pé "gbogbo ìgbà ló ń lù wọ́n." Bí òbí bá bi yín pé "Gbogbo ìgbà wo?", ẹ ò ní rí ìdáhùn.

1. Ẹ fa ilà sí ojú ìwé kan kí ó pín sí mẹ́rin: aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kété ṣáájú, ohun tó tẹ̀ lé e.
2. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ilé ìwé bá parí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló kọ́kọ́ máa sọnù lórí yín.
3. Ẹ kọ ohun tí ojú rí. "Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́yìn" ni ojú rí. "Ó fẹ́ ìjà" kì í ṣe ohun tí ojú rí, èrò yín ni.
4. Ẹ kọ ọjọ́ tí kò lu ẹnikẹ́ni náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó yàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn máa ń pamọ́ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn olùkọ́ máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká pe ọmọ náà ní Àkànbí. Ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ó wà ní nọ́sìrì kejì. Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀ rí báyìí:

- Àtìní, aago 10:20. Lórí ìlà ibi ẹ̀rọ omi, kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tó wà lẹ́yìn tì í. Ó yíjú padà, ó sì gbá a lẹ́yìn. Wọ́n mú un kúrò lórí ìlà, ó sì sunkún.
- Àtàlátà, aago 9:05. Ní tábìlì. Ọmọ kan gba kíréyọ̀n pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ ọmọ náà.
- Àtàlátà, aago 10:25. Lórí ìlà ẹ̀rọ omi. Ọmọ kan gba iwájú rẹ̀. Ó gbá a ní èjìká.
- Àlàrùbá. Kò lu ẹnikẹ́ni. Omi kò wá lọ́jọ́ náà, nínú bàsíà ní kíláàsì ni wọ́n ti fọwọ́. Wọn ò tò.
- Àlàmísì, aago 10:20. Lórí ìlà. Wọ́n tún tì í. Ó gbá ẹni tó tì í.
- Jímọ̀. Kò lu ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé tètè jáde nítorí ìrun, wọn ò tò sí ibi omi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ sì wà lórí ìlà kan náà, ní aago kan náà, nígbà tí ebi ti ń pa àwọn ọmọ. Ọjọ́ méjì tí kò sí ìlà, kò sí ìlù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà? Kí ẹ tó kọ àkọsílẹ̀, "ọmọ tó ń lu èèyàn" ni ẹ ní lọ́wọ́. Ní báyìí, ọmọ tí kò lè fara da ìlà gígùn nígbà tí ebi bá ń pa á, tí wọ́n sì ń tì í lẹ́yìn, ni ẹ ní. Èkejì yìí ṣe é ràn lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ ló máa mọ́ tó báyìí. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tí ẹ ò rí ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ fi ọjọ́ márùn-ún mìíràn kún un. Ẹ tún wo nǹkan méjì wọ̀nyí, torí wọ́n máa ń fara pa mọ́ níbí.

Èkíní ni èdè. Ní Ìlọrin, ọmọ lè máa sọ Fúlàní, Haúsá, Núpé tàbí Bàrùbá nílé, kó sì wá pàdé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Ọmọ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ pé "dá a padà fún mi," ọwọ́ ló máa fi sọ ọ́. Èkejì ni etí. Ọmọ tó máa ń gbá àwọn tó bá ti ẹ̀yìn wá bá a, tí ẹ sì máa ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí ẹnu yín, kí ẹ pè é jẹ́jẹ́. Bí kò bá dáhùn nígbà mélòó kan, ó yẹ kí dókítà yẹ etí náà wò, ó sì yẹ kí ìwé yín sọ bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí nǹkan kan padà ní kíláàsì kí ìwé tó lọ

Ìwé tí kò sí ohun tí ilé ìwé ti ṣe nínú rẹ̀, ẹ̀sùn ni, bó ti wù kó rọra dùn tó. Ilé ìwé ni ọmọ náà ti ń lu èèyàn, kì í ṣe ilé. Òbí tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba kò lè dúró ti ìlà ẹ̀rọ omi yín.

Fún Àkànbí, olùkọ́ lè pín ìlà sí méjì kí ó má gùn jù. Ó lè fi Àkànbí síwájú tàbí sẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo á ti fara kàn án. Ó lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní aago 10:20, ibi tí apá rẹ̀ ti lè tó o. Ó sì lè kọ́ ọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó máa lò dípò ọwọ́: "Èmi ló kàn." Ìgbà tí inú ọmọ náà bá dùn ni kí ẹ kọ́ ọ, nínú eré. Ìgbà tó bá ń bínú lọ́wọ́, kò sí ohun tó máa wọ etí rẹ̀.

Kò dìgbà tí ó bá ṣiṣẹ́ tán kí ẹ tó kọ̀wé. Kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ti tó.

Kí ẹ sì tó lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ fi àkọsílẹ̀ náà han hẹdimásítà tàbí ọ̀gá ilé ìwé yín. Òbí lè lọ bá a tààrà, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹnu òbí ni ó ti kọ́kọ́ máa gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ìwé náà

Ojú ìwé kan ni kó jẹ́, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí òbí ń kà láìsí wàhálà. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ kọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé máa ń dún bí ìwé kóòtù létí ọ̀pọ̀ òbí. Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí:

1. Ìkíni. Ẹ kí wọn bí ẹ ṣe máa kí wọn lójúkojú. Ìkíni tí ẹ bá fò máa sọ fún wọn pé ẹ ti ń bínú.
2. Ohun rere kan tó jẹ́ òótọ́. Kó jẹ́ ohun tí ẹni tí kò mọ ọmọ náà kò lè kọ. "Ọmọ dáadáa ni" kò tó nǹkan.
3. Ohun tó ṣẹlẹ̀. Iye ìgbà, ibi, aago, ohun tó ṣáájú rẹ̀. Bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Ẹ má dárúkọ ọmọ tí ó lù, ẹ má sì júwe rẹ̀. Ládùúgbò wa, "ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà" ti tó kí wọ́n mọ̀ ọ́n.
4. Ohun tí ẹ rò pé ó ń fà á, pẹ̀lú "ó jọ pé," torí ẹ lè ṣì í.
5. Ohun tí ẹ ti ń ṣe ní kíláàsì.
6. Gbólóhùn tó ń dí ọ̀nà ẹgba. Ẹ sọ pé ilé ìwé ti bójú tó o, pé ó ti parí, kí wọ́n má sì fìyà jẹ ẹ́ mọ́ lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kedere. Ẹ má rò pé wọ́n á mọ̀.
7. Ìbéèrè kan tàbí méjì, àti ohun kékeré kan tí wọ́n lè ṣe nílé. Bí ìbéèrè bá ti di márùn-ún, ó ti di ìwádìí.
8. Ìgbà tí wọ́n lè rí yín, àti ìgbà tí ẹ máa tún kọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò ìkẹfà, torí wọ́n rò pé ó jọ pé àwọn ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ẹ má fò ó. Bí ẹ bá so ó mọ́ ohun tí ilé ìwé ti ṣe, kò ní dún bí ìbáwí.

### Àpẹẹrẹ ìwé náà

> Bàbá àti Ìyá Àkànbí,
>
> Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.
>
> Àkànbí ló máa ń bá mi pín ìwé láàárọ̀, ó sì ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì wa lórí.
>
> Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ ràn án lọ́wọ́ lé lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ìlà tí a máa ń tò láti fọwọ́, ní nǹkan bí aago 10:20, kí a tó jẹun. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ tì í, tàbí ó gba iwájú rẹ̀, tàbí ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ní ọjọ́ méjì tí a kò tò sórí ìlà, kò lu ẹnikẹ́ni.
>
> Ó jọ pé ìdúró pẹ́ ló ń ni ín lára nígbà tí ebi bá ti ń pa á, kò sì tíì máa rántí láti fi ẹnu sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ló ṣì ń kọ́ èyí.
>
> Ní kíláàsì, a ti pín ìlà náà sí méjì, èmi náà sì ń dúró tì í. Mo ń kọ́ ọ láti sọ pé "Èmi ló kàn." A ti bójú tó èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé, ó sì ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fìyà jẹ ẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.
>
> Ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè méjì: Kí ló máa ń jẹ kó tó kúrò nílé láàárọ̀, aago mélòó ló sì máa ń jẹ ẹ́? Bí inú bá ń bí i nílé, kí ló máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀? Bí àyè bá sì wà, ẹ máa fi eré bá a lo "Èmi ló kàn" nígbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ tàbí tí ẹ bá ń wẹ àwọn ọmọ.
>
> Mo máa ń wà ní ilé ìwé di aago 2:30 ní ọjọ́ Àtàlátà àti Àlàmísì bí ẹ bá fẹ́ kí a jókòó. Bí kò bá rọrùn, ẹ lè pè mí lórí fóònù. Màá tún kọ̀wé sí yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti sọ bí ó ṣe ń lọ.
>
> Ẹ ṣé púpọ̀.
> Olùkọ́ rẹ̀

Bí ìdílé náà bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Bí ẹni tó máa gba ìwé náà bá jẹ́ ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ní Òró tàbí Òmù-Àrán nígbà tí àwọn òbí wà ní Èkó, ìyá àgbà ni kí ẹ kọ ìwé sí. Òun ló wà pẹ̀lú ọmọ. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn òbí náà, kí ẹ má lọ pe Èkó lẹ́yìn rẹ̀.

## Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa yọ kúrò

Ẹ ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ yín ni wọ́n kọ ọ́ lé lórí. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń yọ́ wọlé:

- "Oníjà ni," "ó le jù," "aláìgbọ́ràn ni." Orúkọ nìyẹn, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.
- "Gbogbo ìgbà," "lójoojúmọ́." Ẹ fi iye ìgbà rọ́pò rẹ̀.
- "Láìnídìí." Ìdí máa ń wà. Ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ ni pé ẹ ò rí ìdí náà.
- "Ẹ̀kọ́ ilé." Bó ti wù kí ẹ fi inú kan kọ ọ́, "àbíìkọ́" ni òbí máa gbọ́, ìwé náà sì ti parí níbẹ̀.
- "Àwọn òbí ti ń fẹjọ́ sùn." Èyí máa ń mú kí ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó fẹjọ́ sùn.
- "Ẹ kìlọ̀ fún un." Ìkìlọ̀ tí ẹ ò sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe, ẹgba náà ni.
- "Ṣùgbọ́n" lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rere. "Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n…" ń pa ohun rere tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹ fi àmì ìdádúró sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun.

Bákan náà, ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ máa ń nà án nílé?" nínú ìwé. Ìbéèrè yẹn lè ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ojúkojú ni àyè rẹ̀ wà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà pé ẹ fẹ́ràn ọmọ wọn.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ìwé náà ṣe máa dé ọwọ́ wọn

Ẹ fi sínú àpò ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì fún òbí lọ́wọ́ nígbà tó bá wá mú ọmọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu ọ̀nà: "Kì í ṣe nǹkan tó ń bani lẹ́rù, ẹ kà á nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀." Ẹ má ṣàlàyé ní ẹnu géètì níbi tí àwọn òbí yòókù dúró sí.

Ẹ má fi rán ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ẹ má fi rán ọlọ́kadà tàbí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó àwọn ọmọ. Ẹ má sì fi sórí Wásáàpù kíláàsì, ì báà jẹ́ láìdárúkọ. Ẹ̀sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n máa mọ ọmọ tó jẹ́.

Bí òbí kò bá lè kàwé, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ ka ìwé náà fún un bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ tún lè fi ohùn yín ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù òun nìkan, kó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀, torí ohùn máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó bá sì ti gùn ni ẹ̀sùn ti máa ń yọ́ wọlé.

Mi ò fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Òbí á kà á, inú á bí i, kò sì ní sí olùkọ́ tó lè bi léèrè ọ̀rọ̀ títí di Àtìní. Àtàlátà tàbí Àlàrùbá ló dára jù.

Ní ti òbí ọmọ tí wọ́n lù, tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an ohun tó kan ọmọ tirẹ̀, ohun tí ẹ ṣe fún un, àti bí ẹ ṣe máa dáàbò bò ó. Bó bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó lù ú, ẹ sọ pé ẹ ò ní dárúkọ ọmọ tirẹ̀ náà fún ẹlòmíràn.

## Bí èsì bá dé

Bí wọ́n bá bínú. "Ọmọ mi kì í lu ẹnikẹ́ni nílé!" Ẹ má jiyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, kò sí ìlà ọmọ púpọ̀ nílé. Ẹ sọ pé: "Mo gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló wà nílé tó ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ lò ó níbí." Ìbínú náà ti di ìmọ̀ràn nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti nà án. Ẹ má bá wọn wí, ẹ má sì dúpẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ó dákẹ́ láàárọ̀ yìí, kò sì bá mi pín ìwé. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ jù ni gbólóhùn tí mo ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ méjì yìí lo ìyẹn nìkan."

Bí èsì kò bá wá. Ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ pè wọ́n. Ẹ má kọ ìwé kejì tó le ju ti àkọ́kọ́. Ìpàdé kò pọn dandan. Ìdáhùn sí ìbéèrè oúnjẹ nìkan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èsì máa ń mú ohun tí ẹ ò lè rí láti kíláàsì wá. Ká ní ìyá Àkànbí dáhùn pé aago 6:00 ló ń jẹun, torí ìyá ní láti tètè dé ọjà, àti pé ilé kéwú ni ọmọ náà ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, tí kì í sùn títí di aago 10:00 alẹ́. Láti aago 6:00 sí 10:20 ju wákàtí mẹ́rin lọ láìjẹun fún ọmọ ọdún márùn-ún. Olùkọ́ lè ní kí ìyá fi bisikíìtì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sínú àpò rẹ̀, kó sì jẹ ẹ́ ní aago 9:00. Ilé kéwú kì í ṣe ohun tí a ń sọ pé kí wọ́n mú un kúrò. Ohun tó ṣe é bi àáfà ni bóyá ọmọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, òbí ni kó sì béèrè, kì í ṣe olùkọ́.

## Ìgbà tí ìwé kì í ṣe ọ̀nà

- Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa gan-an: ẹ̀jẹ̀, orí, ojú, tàbí eyín. Ẹ pe òbí àwọn ọmọ méjèèjì lọ́jọ́ náà.
- Bí ẹ bá rí ojú ẹgba tàbí ọgbẹ́ tí kò yé yín lára ọmọ tó ń lu èèyàn, tàbí tó bá ń sọ ohun tó ń bani lẹ́rù nípa ilé. Ẹ má kọ̀wé sílé. Ọ̀gá ilé ìwé ni kí ẹ lọ bá lọ́jọ́ náà.
- Bí ọmọ tó ti ń ṣeré dáadáa bá ṣàdédé yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ pe òbí kí ẹ bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé. Ó lè jẹ́ ikú, ọmọ tuntun, tàbí àìsàn.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé kejì

Ẹ ti ṣèlérí rẹ̀, ẹ kọ ọ́, kódà bí nǹkan kò bá tíì yí padà. Ẹ lo irú àkọsílẹ̀ kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì náà kí ẹ lè fi iye wé iye. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò bá yàtọ̀. Gbólóhùn tuntun máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu ọmọ, ọwọ́ ló ti mọ́ ọn lára.

Ìwé kejì máa ń kúrú:

> Ìyá Àkànbí, ẹ kú ojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Àkànbí gbá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ní ọjọ́ Àlàmísì, wọ́n tì í lórí ìlà, ó sì kígbe pé "Èmi ló kàn!" kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ aago 9:00 ń ràn án lọ́wọ́ gan-an, ẹ jọ̀wọ́ ẹ máa fi í sí i. Màá ṣì máa dúró tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Bí iye náà kò bá dín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ẹ sì ti yí ìlà padà, tí oúnjẹ àti oorun ti dára sí i, ẹ pe òbí kí ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ gbé gbogbo àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa mímú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò etí, ojú àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà fún òbí kó mú un lọ, torí dókítà máa bi í ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ń ṣáájú rẹ̀.